Tánkì tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ògiri: ṣé àyè ń ṣẹ́kù lóòótọ́, ta ni yóò sì tún un ṣe bó bá bàjẹ́?

Àdùkẹ́: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Èmi àti bàálé mi fẹ́ tún balùwẹ̀ wa ṣe, ó sì há gan-an. Láti ara ògiri ẹ̀yìn tọ́ílẹ́ẹ̀tì dé ara ilẹ̀kùn tó kọjú sí i, sẹ̀ǹtímítà 120 péré ni. Ẹni tó bá gbé ọmọ dání kò lè yí padà níbẹ̀. Ẹni tó ń ta nǹkan balùwẹ̀ fún wa ní ká yọ tánkì ìta kúrò, ká ra férémù tó gbé tánkì dání, tí wọ́n ń gbé sínú ògiri, kí àwo tọ́ílẹ́ẹ̀tì wá so kọ́ sára ògiri láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ó ní àyè rẹpẹtẹ ló máa ṣẹ́kù. Bàálé mi ò fara mọ́ ọn, ó ní bí omi bá ń jò nínú ògiri, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti lò ó rí?

Ṣẹ́gun: Àǹtí, bàálé yín ló sọ òótọ́. Ọjọ́ tó bá bàjẹ́, wọ́n á fọ́ táìsì ni. Tánkì ìta, ẹ kàn máa ṣí ìdérí rẹ̀ ni, ẹ ó sì rí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ má fọwọ́ ara yín fa wàhálà.

Màmá Ìbejì: Tiwa wà lókè àjà, ó sì máa ń dún bí ìlù ní òru tí omi bá ń wọ inú rẹ̀. Àwọn tó bá wa tún un ṣe ní ká fi nǹkan nípọn bo páìpù tó lọ bá a, kí omi má baà dì nígbà òtútù. Ẹ gbọ́ tèmi, ẹ má fi tánkì sínú ògiri, ogoji gálọ́ọ̀nù ti wúwo jù fún ògiri.

Àdùkẹ́: Mọ̀mí, ẹ ṣeun. Kì í ṣe tánkì tó ń pín omi káàkiri ilé là ń sọ o. Èyí tó ń fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì nìkan ni.

Màmá Ìbejì: Háà, ó yé mi wàyí. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

Bàbá Kẹ́hìndé: Àdùkẹ́ ọmọ mi, iṣẹ́ pùlọ́ńbà ni mo ń ṣe, mo sì ti gbé irú férémù yìí kọ́ lọ́pọ̀ ilé. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi tépù wọn àyè náà, torí ẹni tó ń tajà kì í sọ apá yìí tán.

Èyí tí ẹ ń lò báyìí, tí tánkì jókòó lé ẹ̀yìn àwo, láti ara ògiri dé etí àwo níwájú, ó máa tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 67. Ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú 120, 53 ló kù síwájú ẹni tó jókòó. Àwo tó ń so kọ́ sára ògiri máa ń jẹ́ nǹkan bíi 53 láti ara táìsì. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á sọ pé sẹ̀ǹtímítà 14 ti wọlé. Ṣùgbọ́n níbo ni férémù fúnra rẹ̀ fẹ́ dúró sí? Férémù tó wọ́pọ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 12. Bí ògiri yín bá jẹ́ ti bíríkì, a ò ní gbẹ́ ẹ, iwájú rẹ̀ la máa gbé férémù dúró sí, a ó wá fi bọ́ọ̀dù tí kì í fa omi bò ó, ìpele méjì, ó fẹ́ẹ̀ tó 2.5. Táìsì àti gọ́ọ̀mù rẹ̀ tún jẹ́ 1, àyè díẹ̀ á sì wà lẹ́yìn. Àpapọ̀ rẹ̀ á tó 17. Ẹ fi 53 kún un, ó di 70. Ẹ ti pàdánù sẹ̀ǹtímítà 3 nìyẹn, lẹ́yìn gbogbo ìnáwó yẹn.

Àmọ́ tó bá jẹ́ ògiri pákó oníhò ni, tí kò ru ilé, tó sì jinlẹ̀ tó láti gba férémù láàárín àwọn òpó rẹ̀, ìgbà yẹn ni 14 náà máa wọlé ní tòótọ́, 67 ló sì máa wà níwájú yín. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kan ògiri yẹn. Ṣé ó ń dún kóroro bí àpótí, àbí ó le gbagidi?

Dámilọ́lá: Ẹ̀gbọ́n, kò sí àwo tó kúrú ju 53 lọ ni? Mo rí èyí tó jẹ́ 48.

Bàbá Kẹ́hìndé: Ó wà. 48 àti 17 jẹ́ 65, ẹ jèrè 2. Ìjókòó rẹ̀ kúrú, kì í rọrùn fún èèyàn tó bá ga tó sì sígbọnlẹ̀. Férémù tó tẹ́ẹ́rẹ́ tún wà, tí kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 8 lọ, ìyẹn lè dín 4 kù sí i. Ohun tó ń dára gan-an nínú ọ̀nà yìí kì í ṣe gígùn nìkan. Férémù ga tó nǹkan bíi 112, torí náà ẹ lè fi ògiri kúkúrú bò ó, orí rẹ̀ á di pẹpẹ tí ẹ máa gbé nǹkan sí. Ilẹ̀ abẹ́ àwo náà á ṣófo, aṣọ ìnulẹ̀ á kọjá lábẹ́ rẹ̀ geere. Ojú á sì máa rí i bí ẹni pé yàrá náà fẹ̀ sí i, bí kò tilẹ̀ fẹ̀.

Ṣẹ́gun: Àyè ti yé wa, Bàbá. Àtúnṣe ńkọ́?

Ìyábọ̀: Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìyẹn, torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ilé tí a háyà ní irú tánkì yìí. Lọ́jọ́ kan mo ṣàkíyèsí pé omi ń rìn tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn nínú àwo, tọ̀sán-tòru. Èmi náà rò pé wọ́n máa fọ́ ògiri, ọkàn mi ò balẹ̀. Ẹni tí onílé rán wá kò mú òòlù wá rárá. Ó ti ìdérí bọ́tìnì sókè díẹ̀, ó sì fà á, ó jáde. Ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ó yọ ọ̀pá kékeré méjì tí bọ́tìnì ń tẹ̀, ó yọ pátákó ike kan, ó ti tápù kékeré tó wà nínú ibẹ̀, ó wá ń fa nǹkan jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yọ egungun ẹja. Rọ́bà pẹlẹbẹ abẹ́ fáàfù ló ti le, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti ya. Ó pààrọ̀ rẹ̀, omi dá. Gbogbo rẹ̀ kò tó wákàtí kan.

Bàbá Kẹ́hìndé: Ìyábọ̀ sọ ọ́ dáadáa. Ẹnu ihò ìdérí bọ́tìnì yẹn ni ilẹ̀kùn àtúnṣe. Fáàfù tó ń gba omi wọlé àti èyí tó ń tú omi sílẹ̀, ibẹ̀ ni méjèèjì ń gbà jáde. A kì í fi bóòtù so tánkì náà mọ́ àwo lábẹ́ omi bíi ti ìta. Bí fáàfù bá sì bàjẹ́, inú àwo ni omi sábà máa ń gbà lọ, kì í ṣe inú ògiri.

Ẹ lè fúnra yín mọ èyí tó bàjẹ́ nínú méjèèjì. Ẹ nu ẹ̀yìn àwo gbẹ, ẹ lẹ bébà tíṣù gbígbẹ mọ́ ọn, ẹ má fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì fún wákàtí kan. Bí tíṣù bá tutù, omi ń jò. Ẹ wá ti tápù kékeré inú tánkì. Bí omi bá dá láìpẹ́, fáàfù tó ń gba omi wọlé ni kò pa mọ́ra, omi kún kọjá ààlà ló ń ṣàn bọ́. Bí ó bá ṣì ń rìn lọ títí tánkì fi ń gbẹ, rọ́bà ìsàlẹ̀ ni, bíi ti Ìyábọ̀. Ẹ̀kẹta tún wà tó ń tan àwọn èèyàn jẹ: ọ̀pá méjì tí bọ́tìnì ń tẹ̀ yẹn, a máa ń gé wọn bá bí táìsì ṣe nípọn mu. Bí wọ́n bá gùn jù, wọ́n á máa tẹ fáàfù lọ́wọ́, kò ní pa mọ́ra láéláé. Ẹ yọ ìdérí bọ́tìnì. Bí omi bá dá lójú ẹsẹ̀, ẹ má ra fáàfù tuntun, ọ̀pá ni kí ẹ dín kù.

Ṣẹ́gun: Mo gbà. Ṣùgbọ́n mi ò purọ́ o. Lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi, wọ́n fọ́ táìsì. Àmì omi ló yọ lára àjà àwọn tó wà nísàlẹ̀ wọn.

Bàbá Kẹ́hìndé: Mo gba tìrẹ gbọ́, Ṣẹ́gun. Ṣé ẹ̀yìn àwo gan-an ni, àbí páìpù ìdọ̀tí?

Ṣẹ́gun: Wọ́n ní ibi tí páìpù ńlá ti ṣẹ́ kọ́rọ̀ nísàlẹ̀. Wọn ò tì í wọlé dáadáa.

Bàbá Kẹ́hìndé: Ibẹ̀ ni ìwọ ti jàre. Rọ́bà àárín àwo àti ògiri, a lè yọ nọ́ọ̀tì méjì, ká fa àwo síwájú, ká pààrọ̀ rẹ̀ láìfọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìsopọ̀ páìpù ìdọ̀tí nísàlẹ̀ férémù, àti ti páìpù omi tó ń wọlé, wọ́n ti wà lẹ́yìn táìsì, kò sí bọ́tìnì tó lè mú ọwọ́ dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń jẹ́ kí wọ́n bo férémù lọ́jọ́ tí mo bá so ó. Màá tan omi sí i, màá tú u sílẹ̀ bí ìgbà ogún, màá fi tíṣù gbígbẹ nu gbogbo ìsopọ̀, màá sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àdùkẹ́, bí oníṣẹ́ yín bá ní òun á so, òun á sì bò ó lọ́jọ́ kan náà, ẹ má gbà fún un. Ẹ sì ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú tépù tí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó fi bọ́ọ̀dù bò ó.

Dámilọ́lá: Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà férémù náà síbì kan pẹ̀lú. Èmi ra ilé tó ti ní in, mi ò mọ irú èyí tó jẹ́. Rọ́bà mẹ́ta ni mo rà kí n tó rí èyí tó bá a mu. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé, lẹ́yìn ogún ọdún, ṣé a ó ṣì rí fáàfù rẹ̀ rà? Ti ìta, fáàfù tó wà lọ́jà ń bá ọ̀pọ̀ rẹ̀ mu.

Bàbá Kẹ́hìndé: Àwọn iléeṣẹ́ ńlá kan ṣèlérí ọdún 25 fún ẹ̀yà rẹ̀. Ti àwọn tí owó wọn kéré tí ẹnì kan ò mọ orúkọ wọn, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín.

Ìyábọ̀: Lórí èyí, èmi ò gbà pẹ̀lú yín pátápátá, ẹ̀gbọ́n. Iléeṣẹ́ lè kógbá wọlé kí ọdún náà tó pé.

Àdùkẹ́: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti kan ògiri náà. Ó ń dún kóroro lápá ọ̀tún, ṣùgbọ́n láàárín gan-an, níbi tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà, ó le. Bí ẹni òkè bá fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì tiwọn, mo ń gbọ́ omi tó ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.

Bàbá Kẹ́hìndé: Páìpù ilé gbogbo ló gba ibẹ̀ kọjá nìyẹn. Férémù fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 50. Ẹ wọn ibi tó ń dún kóroro yẹn, láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ dé igun ògiri, kí ẹ sì fi iye rẹ̀ síbí. Bí kò bá tó 50, ẹ fi tánkì ìta yín sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ wá èyí tí àwo rẹ̀ kúrú.

Àdùkẹ́: Ó di ìrọ̀lẹ́ tí bàálé mi bá dé pẹ̀lú tépù.