Fídíò ẹ̀yìn orin tó ń fò bó bá ti ń padà síbẹ̀rẹ̀

Olùbéèrè, Bódìjà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́. Mo ń ṣe fídíò tí a ó máa gbé sẹ́yìn ọ̀rọ̀ orin lójú síkírìnì ìjọ wa. Ìkùukùu aláwọ̀ wúrà ló ń rìn díẹ̀díẹ̀, òrùka ìmọ́lẹ̀ tí èmi fúnra mi yà sì ń yí láàárín rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 20 ni, férémù 30 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti fẹ́ padà síbẹ̀rẹ̀, ìkùukùu á fò lójijì, òrùka á sì dúró díẹ̀ kó tó tún máa yí. Bí a bá ń gbàdúrà ní ìdákẹ́jẹ́, ibẹ̀ ni ojú gbogbo ìjọ ń lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ọ̀dọ́kùnrin kan, Àpáta: Ẹ tò ó tẹ̀léra títí yóò fi pé wákàtí kan. Ìsìn yóò parí kó tó padà síbẹ̀rẹ̀.

Arábìnrin kan, Mọ́níyà: Bẹ́ẹ̀ ni tiwa náà ń ṣe o! Síkírìnì á ṣú dúdú fìrí, á sì tún mọ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan, Mọ́kọ́lá: Arábìnrin, tiyín yàtọ̀. Ohun tí ẹ fi ń fi fídíò hàn lójú síkírìnì ló ń ṣú, nítorí ó ń pa fáìlì dé kó tó tún un ṣí. Ìmọ̀ràn Àpáta yóò ràn yín lọ́wọ́. Ẹ tún yọ ohùn kúrò nínú fáìlì náà, torí ohùn tó bá gùn ju àwòrán lọ lè fa irú àlàfo bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ti Bódìjà, bí a tilẹ̀ tò ó fún wákàtí mẹ́wàá, ìkùukùu yóò ṣì máa fò ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 20, nítorí àwòrán ìparí kò bá ti ìbẹ̀rẹ̀ mu. Ẹ kọ́kọ́ gbé òrùka sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ gé ìkùukùu sí méjì ní ìṣẹ́jú-àáyá 10, kí ẹ fi apá kejì ṣíwájú, kí apá kìíní sì tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì gun ara wọn fún ìṣẹ́jú-àáyá 2, kí ọ̀kan máa pòórá bí èkejì ṣe ń yọ. `Cross Dissolve` ni DaVinci Resolve ń pè é. Ìṣẹ́jú-àáyá 18 ni yóò kù. Nísinsìnyí, ojú ibi tí ẹ gé ni fídíò ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì parí sí, nítorí náà férémù tó gbẹ̀yìn àti èyí tó ṣíwájú ti ń tẹ̀lé ara wọn láti ilẹ̀ wá.

Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó gbé òrùka lé e, kó má baà di méjì níbi tí wọ́n ti gun ara wọn. Ẹ fi í sí 0° ní férémù 0, kó dé 360° ní férémù 540, ṣùgbọ́n kí ẹ gbé fídíò jáde dé 539 péré, torí 540 àti 0 jẹ́ àwòrán kan náà. Bí ẹ bá gbé méjèèjì jáde, òrùka yóò dúró fún férémù kan. Bí ìdúró náà bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyára rẹ̀ ni kò dọ́gba: ẹ yí i sí `Linear`.

Olùbéèrè, Bódìjà: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Òrùka ti ń yí láìdúró, ìkùukùu kò sì fò mọ́. Ṣùgbọ́n láàárín, níbi tí wọ́n ti gun ara wọn, ìkùukùu ń ṣì díẹ̀, bí ẹni pé àwọ̀ rẹ̀ ń ṣá.

Ẹ̀gbọ́n kan, Mọ́kọ́lá: Òótọ́ ni, àwòrán méjì tí a pò pọ̀ máa ń rọ ara wọn lójú. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ìṣẹ́jú-àáyá 4, yóò dé díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní lọ pátápátá. Ìṣẹ́jú-àáyá 16 ni yóò kù nígbà náà, nítorí náà kí òrùka dé 360° ní férémù 480, kí ẹ sì gbé fídíò jáde dé 479. Ìkùukùu tó fẹ́lẹ́ kì í fi í hàn tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan, Àpáta: Ṣé a kò lè fi kún ìyàtọ̀ dúdú àti funfun níbẹ̀ nìkan?

Ẹ̀gbọ́n kan, Mọ́kọ́lá: Ẹ dán an wò lórí síkírìnì ìjọ gan-an, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Èmi kò tíì rí i kó bára mu délẹ̀.