Oníbàárà ní ká pa gbogbo àkọsílẹ̀ òun rẹ́: mo ń wá ìmọ̀ràn

Alájàpá Pẹ́kámù: Ẹ jọ̀ọ́, mo ń ta oúnjẹ ilé ní Lọ́ńdọ̀nù, a sì ń gbé e dé ilé oníbàárà. Obìnrin kan kọ ímeèlì sí wa ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án pé ká kó gbogbo ohun tí a ní nípa òun ránṣẹ́ sí òun, ká sì pa á rẹ́ lẹ́yìn náà. Báwo ni kí n ṣe é?

Bọ̀dá Kúnlé: Ẹ gba pọ́n-ùn 10 lọ́wọ́ rẹ̀ ná, kó sì fi àwòrán pásípọ́ọ̀tù ránṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ mi àtijọ́ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Bọ̀dá Kúnlé, òótọ́ ni pọ́n-ùn 10 nígbà kan, àmọ́ ó ti dópin láti oṣù karùn-ún ọdún 2018. Ọ̀fẹ́ ni báyìí, àfi tí ìbéèrè bá jẹ́ àṣejù. Bó bá sì jẹ́ ímeèlì tó fi ń rajà lọ́wọ́ wọn ló fi kọ̀wé, kí ni wọ́n fẹ́ fi pásípọ́ọ̀tù ṣe?

Alájàpá, oṣù kan lẹ ní. Èsì gbọ́dọ̀ ti dọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá. Ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́ o! Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa á rẹ́ kí oníbàárà má baà rí i ti dẹ́ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹ wá orúkọ rẹ̀ nínú ímeèlì, nínú ìwé ọjà, lórí Wáásáàpù ṣọ́ọ̀bù. Bí òṣìṣẹ́ yín bá kọ “oníwàhálà” sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, ó máa rí ìyẹn náà. Orúkọ aládùúgbò tó bá a gba ẹrù ni kí ẹ bò.

Tó bá ti rí tirẹ̀ gbà, ẹ wá pa nọ́ńbà fóònù àti ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ rẹ́. Ìwé owó ọjà kò kúrò ńlẹ̀, torí HMRC, àjọ owó orí, ní kí ẹ tọ́jú rẹ̀ fún ọdún 6. Ẹ ṣàlàyé èyí fún un, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè lọ bá ICO, àjọ tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn. Ẹ fi ímeèlì rẹ̀ nìkan sínú àkọsílẹ̀ àwọn tí ẹ ò gbọdọ̀ polówó ọjà fún mọ́. Láìsí ìyẹn, orúkọ rẹ̀ lè gba ibòmíì wọlé padà.

Àdùnní Ìbàdàn: Ẹ gba tèmi náà rò. Àwọn ayánilówó orí fóònù kan ń pe gbogbo ènìyàn mi, bẹ́ẹ̀ mo ti san owó wọn tán. Ṣé kí n kọ̀wé sí ICO?

Ìyá Ìbejì: Rárá, ọmọ mi. Ìlú Ọba ni ICO wà. NDPC ni irú àjọ bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2023 sì fún ẹ láṣẹ láti béèrè ohun tí wọ́n ní nípa rẹ àti kí wọ́n pa á rẹ́. Kọ̀wé sí àwọn ayánilówó náà fúnra wọn kọ́kọ́, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Alájàpá Pẹ́kámù: Ẹ ṣé, mà. Awakọ̀ wa ló kù. Fóònù tirẹ̀ ló fi ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ó ní kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìyá Ìbejì: Bó bá jẹ́ iṣẹ́ yín ló fi ṣe, ó wà lára ohun tí obìnrin náà béèrè. Ẹ má gba fóònù náà. Ẹ kọ̀wé sí i pé kó fúnra rẹ̀ yọ èyí tó kan obìnrin náà.

Bọ̀dá Kúnlé: Tó bá wá ní òun ò rí nǹkan kan ńkọ́? Èmi ò tíì gbà pé ọ̀gá lè dáhùn fún ohun tó wà nínú fóònù ẹlòmíì.