Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n fi ọjọ́ tuntun sínú ímeèlì ìdádúró yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń bójú tó ilé alájà méjì kan ní Ìbàdàn. Ọ̀pá irin mílímítà 16 tí a fẹ́ fi ṣe dẹ́kìn kò tíì dé. Ẹni tó ń tà á ní ó di ọ̀sẹ̀ méjì sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Mo fẹ́ kọ ímeèlì sí onílé, báńkì àti káfíńtà òrùlé. Àwọn bíríkìlà lè máa mọ fẹ́ǹsì lọ ní tiwọn, ṣùgbọ́n a ò lè da kọnkéré láìsí irin. Báńkì kì í sì í san owó tó kàn àfi tí dẹ́kìn bá parí.

Ṣé kí n dárúkọ ọjọ́ ìparí tuntun báyìí, àbí kí n kàn sọ ọjọ́ tí màá fún wọn lésì tó dájú?