Ìfínràn, ìfòòró tàbí ìyànjẹ?

Ìbéèrè: Mò ń kọ ìwé fún àwọn òbí. Ọ̀rọ̀ wo ni kí n lò fún búlì, kí sì ni òbí yóò rí nínú ohun tí ọmọ ń kọ lórí fóònù tí yóò fi mọ̀ pé ó ti kọjá yẹ̀yẹ́?

Olóòtú ìwé kan: Ìfínràn ni kí ẹ lò. Níbi tí èébú bá ti wọ̀ ọ́, yẹ̀yẹ́ ti parí.

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan: Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi kò rò pé èébú ni a ó fi mọ̀ ọ́n, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ a máa pe ara wọn ní olódo láti àárọ̀ di alẹ́ láìsí ìjà. Ohun mẹ́ta ni Dan Olweus, tó ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí ní Nọ́wè, ní kí a máa wò: ṣé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ṣé ó ń wáyé léraléra, ṣé ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí sì lágbára láti gbèjà ara rẹ̀. Ìyá kan gbé fóònù ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún 14 wá fún mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n fi bàtà rẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kíláàsì lórí Wọ́sáàpù, òun náà fi irun ẹni tó sọ ọ́ ṣe ẹ̀fẹ̀ padà, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò dá ẹ̀fẹ̀ padà mọ́. Àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín nìkan ló ń fi ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rín yẹn ni ìyá rẹ̀ rí tó fi rò pé ó ń gbádùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ó tó.” Ìdáhùn tí wọ́n fún un ni àwòrán bàtà náà, láti ọwọ́ ènìyàn méje, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó kúrò nínú ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì fà á padà sínú rẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn. Ibi “ó tó” yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wá, nítorí ọ̀rẹ́ tó ṣi ẹ̀fẹ̀ ṣe yóò dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ìfòòró ni mo pè é.

Ìyá kan ní Lọ́ńdọ̀nù: Kò sí èébú kankan nínú fóònù ọmọ tèmi. Ńṣe ni wọ́n dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ láìsí i níbẹ̀, gbogbo ohun tó kọ sínú ti àtijọ́ kò sì rí ìdáhùn. Ṣé ìfòòró nìyẹn náà?

Olùkọ́: Bẹ́ẹ̀ ni mà, bí wọ́n bá mọ̀ọ́mọ̀ ta á nù. Ṣùgbọ́n fóònù kò lè fi ìdí rẹ̀ hàn fún yín. Ẹ ní láti bi í léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Olóòtú: Mo gbà pé ìfínràn kò tó, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè jẹ́ ìfínràn. Síbẹ̀ ìfòòró kò sọ pé ọwọ́ ẹnì kan ló wà lókè. Ìyànjẹ sọ ọ́.

Olùkọ́: Ó sọ ọ́, àmọ́ bí òbí bá gbọ́ ìyànjẹ, owó tàbí ogún ni ọkàn rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ sí. Ìfòòró ṣì ni mo fara mọ́.