Mo kọ ìwé ìrònú tán, ọkàn mi ò fúyẹ́. Níbo ni mo ti ṣì í?

Tíṣà Àdùkẹ́
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti lé ní oṣù méjì tí mo ti ń lọ sọ́dọ̀ olùtọ́jú ọkàn kan n'Ìbàdàn nítorí ìbànújẹ́ tí kò fi mí sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fún mi ní ìwé olópòó méje, ó ní tí ọkàn mi bá ti ṣàdédé bàjẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ sí i. Mo kọ ọ́, kò sí ohun tó yí padà. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó tún rí i, ìyẹn ni mo ṣe gbé e wá síbí. Ohun tí mo kọ rèé:

Ohun tó ṣẹlẹ̀: Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa fojú pa mí rẹ́ níwájú gbogbo èèyàn.
Bó ṣe rí lára mi: ìbànújẹ́ 80, ẹ̀rù 70 nínú 100.
Èrò tó sọ sí mi lọ́kàn: Kí ni mo ṣe? Ṣé wọ́n fẹ́ lé mi ni?
Ẹ̀rí pé òótọ́ ni: Wọn ò fẹ́ràn mi.
Ẹ̀rí tó tako ó: Mi ò rí nǹkan kọ.
Èrò tuntun: Gbogbo nǹkan á dára.
Bó ṣe rí lára mi báyìí: ìbànújẹ́ 80, ẹ̀rù 70.

Bàbá Kọ́lá
Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí ò gba ìwé. Ẹni tó bá fojú pani rẹ́, ohun kan ń bẹ níkùn rẹ̀. Mú àgbà kan dání, ẹ lọ bá a ní ọ́fíìsì, kí ẹ bèèrè ohun tó o ṣe.

Sísí Lékè
Èrò tuntun yẹn ni kò lágbára. “Gbogbo nǹkan á dára” ti rọ̀ jù. Kọ ọ́ báyìí: “Gbogbo èèyàn ló fẹ́ràn mi, kò sí tíṣà tó dà bí èmi.” Kà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Àdùkẹ́, ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń jókòó ti àwọn èèyàn kọ ìwé yìí. Òótọ́ ni Sísí Lékè sọ pé òpó kẹfà ò lágbára, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ló ti bàjẹ́. Láti òpó kìíní ni. “Ó fojú pa mí rẹ́” kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹjọ́ tó o ti dá fún un ni. Ká ní kámẹ́rà wà níbẹ̀, kí ni ì bá rí? Sọ ọjọ́, aago, ibi tẹ́ ẹ wà, àti ohun tí ẹnu kálukú sọ.

Tíṣà Àdùkẹ́
Ẹ ṣé mà. Ọjọ́ Mọ́ńdè, aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú, lẹ́nu géètì. Mo kúnlẹ̀, mo ní “Ẹ káàárọ̀ mà.” Wọ́n gbé fóònù sétí, wọ́n ń yára, wọ́n kọjá lọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
O rí i pé fóònù ò sí nínú ìwé rẹ àkọ́kọ́. Jẹ́ kó wà níbẹ̀, a ò tíì sọ pé òun ló fà á.

Ó kan òpó kẹta. Ìbéèrè lo kọ síbẹ̀, ìbéèrè ò sì ṣeé wá ẹ̀rí fún. Ta ló fẹ́ jiyàn pẹ̀lú “ṣé”? Sọ ọ́ di gbólóhùn: “Wọ́n fẹ́ lé mi.” Ìyẹn lè mú ẹ̀rù wá, kò tó mú ìbànújẹ́ 80 wá. Èrò mìíràn ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Ká ní wọ́n lé ọ lóòótọ́, kí ni ìyẹn máa túmọ̀ sí nípa ìwọ fúnra rẹ?

Tíṣà Àdùkẹ́
Pé wọ́n ti rí i pé mi ò mọ iṣẹ́ yìí. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ báyìí ni omi ń bọ́ lójú mi.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Pẹ̀lẹ́, ọmọ ìyá mi. Èyí tó ń jó ọ lára jù nìyẹn, omijé rẹ ló fi hàn. Fa ìlà yí i ká, kọ bó o ṣe gbà á gbọ́ tó síwájú rẹ̀. Òun nìkan ni ká wá ẹ̀rí fún, fi ti pé wọ́n fẹ́ lé ọ sílẹ̀ ná. “Wọn ò fẹ́ràn mi” kì í sì í ṣe ẹ̀rí, èrò mìíràn tó wọ aṣọ ẹ̀rí ni. Ohun tí adájọ́ máa gbà ní kóòtù ni kó o kọ. Má sì fi èyí tó dùn ọ́ pa mọ́, torí tó o bá fò ó, ọkàn rẹ ò ní gba èrò tuntun náà gbọ́.

Tíṣà Àdùkẹ́
Mo gbà á gbọ́ tó 90. Ẹ̀rí pé òótọ́ ni: ní sáà tó kọjá, mo fi ọjọ́ méjì pẹ́ kí n tó fi èsì ìdánwò sílẹ̀, wọ́n sì bá mi wí. Mo kí wọn, wọn ò dá mi lóhùn.
Ti òdìkejì ni mi ò rí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Tí ọkàn bá bàjẹ́, òpó yẹn máa ń ṣófo. Ká ní tíṣà ẹgbẹ́ rẹ ló sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ, kí lo máa rán an létí?

Tíṣà Àdùkẹ́
Hẹn. Sáà yìí kan náà ni wọ́n gbé ìṣirò kíláàsì tó fẹ́ ṣe Wáẹ́ẹ̀kì lé mi lọ́wọ́, èmi kọ́ ni mo bèèrè. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì náà kí wọn láàárọ̀ yẹn, wọn ò dá a lóhùn. Láti ìgbà tọ́rọ̀ èsì yẹn ti ṣẹlẹ̀, mi ò pẹ́ mọ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Wàyí o, so apá méjèèjì pọ̀. Sísí Lékè, ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ yín nìyí: ẹni tó gba “mi ò mọ iṣẹ́” gbọ́ tó 90, tó bá ka “kò sí tíṣà tó dà bí èmi” lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, á kàn máa bá ara rẹ̀ jiyàn ni. Gbólóhùn tí ẹ̀rí méjèèjì gbé ró ni kó kọ.

Tíṣà Àdùkẹ́
“Ọ̀gá ò dá mi lóhùn lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo pẹ́ fi èsì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, síbẹ̀ wọ́n ṣì fi kíláàsì tó le jù lọ́wọ́ mi.” Mo gbà á gbọ́ tó 75. Ìbànújẹ́ 45, ẹ̀rù 40.

Sísí Lékè
Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí ló dé tí kò bọ́ sí òdo?

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Kò pọn dandan. Àárọ̀ yẹn ò dùn lóòótọ́. Ká ní kò tiẹ̀ sún kúrò ní 80, mi ò bá ní a mú èrò tí kì í ṣe òun, tàbí kẹ̀ òótọ́ ni èrò náà, tó fi jẹ́ pé wàhálà gidi la máa wá ojútùú sí.

Ìyá Ìbejì
Ẹ jọ̀ọ́ mà, olópòó márùn-ún ni tèmi. Gáàsì ni mo máa ń ronú pé mo gbàgbé láti pa. Mo ń kọ ìwé yìí tó ìgbà mẹ́wàá lóòjọ́. Ara á tù mí díẹ̀, kò ní pẹ́ kó tún bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Olópòó márùn-ún ni Dókítà Bẹ́ẹ̀kì, ẹni tó dá irú ìtọ́jú yìí sílẹ̀, lò nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970, kò sóhun tó ṣe é. Ìgbà mẹ́wàá yẹn ló ń kọ mí lóminú. Ìwé náà ti di ọ̀nà mìíràn tẹ́ ẹ fi ń padà lọ wo gáàsì. Ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an fún ẹni tó ń tọ́jú yín, torí irú èyí máa ń gba kéèyàn fara da àìdánilójú náà láìlọ wò ó. Ìtọ́jú tó yàtọ̀ ni.

Bàbá Kọ́lá
Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Ẹ ti kọ ọ́ tán, ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ohun tó wà níkùn ọ̀gá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ẹ jàre, Bàbá. Kó lọ wò ó, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ kọ ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀, kó má bàa yí i padà tó bá dé.

Tíṣà Àdùkẹ́
Mà, “mi ò mọ iṣẹ́” yìí ò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá yìí o. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ọ́ sí mi létí nílé.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ìwé kan ò lè gba ìyẹn. Tọ́jú gbogbo èyí tó o bá kọ, kó o sì sọ ohun tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí fún olùtọ́jú rẹ kó o tó sọ ti géètì.

Tíṣà Àdùkẹ́
Mo gbọ́ mà. Tọ̀la rèé: “Tí mo bá kí wọn, wọn ò ní dá mi lóhùn.” Mo gbà á gbọ́ tó 60. Mo ti kọ déètì sí i.