Súmò olówó pọ́ọ́kú tó gba 650,000 náírà lọ́wọ́ wa

Olùrajà ilé ìwé, Kàbbà

Èmi ni mò ń ra ọjà fún ilé ìwé kan ní Kàbbà níbí. Lọ́dún 2023, súmò tó ń fa omi kànga dẹ̀rọ wa jó. Mo gba ìwé iye owó lọ́wọ́ oníṣòwò mẹ́ta. Èyí tó kéré jù jẹ́ 135,000 náírà, èyí tó wọ́n jù jẹ́ 290,000. Agbára ẹṣin kan ni wọ́n kọ sára méjèèjì. Mo mú ti 135,000, àwọn alákòóso sì yìn mí.

Kò pé oṣù mẹ́jọ tó fi jó. Àwọn tó ń fa súmò dé, wọ́n ń yọ páìpù lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tò ó sórí koríko. Nígbà tí mọ́tò jáde, òórùn wáyà tó jó gba gbogbo ọgbà. Ọ̀gá wọn tú u, ó fi ọ̀bẹ ha wáyà inú rẹ̀. Lábẹ́ àwọ̀ pupa yẹn, funfun ló yọ. Alumíníọ̀mù ni wọ́n kùn bíi bàbà.

Síbẹ̀, irú rẹ̀ náà ni mo tún rà, torí òun ni owó tó wà nílẹ̀ ká. Ó tún jó. Láàárín ọdún méjì, mo ra mẹ́ta: 405,000. Owó fífà àti fífi sí i jẹ́ 40,000 lẹ́ẹ̀mẹta: 120,000. Ní ọjọ́ tí omi kò sí, a ra táńkà omi márùn-ún, 25,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan: 125,000. Ẹ ro ó pọ̀, 650,000 ni. Ó dùn mí gan-an, torí owó òbí àwọn ọmọ ni.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì, Ìyàrà

Bí táyà tòkunbọ̀ ṣe rí nìyẹn. Mo ra méjì, ọ̀kan bẹ́ kí n tó dé Lọ́kọ́ja, èrò sì gba owó wọn padà.

Oníná, Mọ̀pà

Ẹ̀gbọ́n, wáyà kọ́ ló ṣe yín o. Iná tí kò lágbára ló ń jó súmò. Ẹ bá ra sìtábìláísà, ti 135,000 yẹn ì bá ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀gá kànga dẹ̀rọ, Ẹ̀gbẹ̀

Àbúrò mi ará Mọ̀pà, òótọ́ wà níbẹ̀. Bí iná bá rẹ̀lẹ̀, mọ́tò á máa gbóná, sìtábìláísà sì ń ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n wáyà alumíníọ̀mù ń yára gbóná ju bàbà lọ bí wọ́n bá nípọn bákan náà, nítorí náà òun ló máa ń kọ́kọ́ lọ.

Olùrajà, ìṣirò yín kò tíì pé. Owó epo jẹnẹrétọ̀ ńkọ́, bí súmò bá ń pẹ́ kí táńkì tó kún? Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì 20 lítà sábẹ́ ẹnu páìpù, kí ẹ fi fóònù ka àkókò. Ẹ má gbára lé nọ́ńbà méjì tó wà lára súmò, iye omi tó pọ̀ jù àti gíga tó pọ̀ jù, torí wọn kì í wáyé pa pọ̀. Bí omi bá ti ń gòkè jìnnà ni ó ń dín kù.

Olùrajà ilé ìwé, Kàbbà

Bàbá, mo ti kà á. Ìṣẹ́jú-àáyá 43 ni. Mo lọ sí ilé ìtura kan níbí tí wọ́n ń lo ti 290,000, tí kànga wọn jìn tó tiwa: 29 ni tiwọn. Táńkì 5,000 lítà wa ń gba wákàtí mẹ́ta, tiwọn á gbà méjì.

Nǹkan bí ọjọ́ 15 lóṣù la fi ń lo jẹnẹrétọ̀. Wákàtí kan tó lé yẹn ń jẹ tó lítà kan. Bí lítà bá jẹ́ 1,000 náírà, 15,000 ni lóṣù, 360,000 ní ọdún méjì. Tiwa ti di 1,010,000. Èyí tó wọ́n yẹn, pẹ̀lú fífi sí i àti sìtábìláísà 60,000, jẹ́ 390,000. N kò rò ó rí pé epo á ju owó súmò tó wọ́n yẹn lọ.

Ìyá olóògùn, Ìsánlú

Ẹ rọra o. Àwa ra olówó ńlá, wáyà bàbà gidi, ó sì jó nínú oṣù kejì ọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi ti lọ sílẹ̀, ó ń fà òfìfo.

Ọ̀gá kànga dẹ̀rọ, Ẹ̀gbẹ̀

Màmá sọ òótọ́. Àpáta ló pọ̀ nílẹ̀ wa yìí, omi inú ihò rẹ̀ kì í yára sun. Súmò tó bá ń fà ju bí omi ṣe ń sun lọ yóò gbẹ kànga, olówó ńlá tàbí olówó pọ́ọ́kú. Nínú kànga bẹ́ẹ̀, èyí tó ń fà díẹ̀díẹ̀ lè sàn jù, bí wáyà rẹ̀ bá jẹ́ bàbà, tí ẹ sì fi ohun tó ń pa á fúnra rẹ̀ nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀ sí i. Lítà mélòó ni kànga yín ń sun ní wákàtí kan?

Olùrajà ilé ìwé, Kàbbà

Kò sí nínú ìwé tí wọ́n fún wa nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ Sátidé a óò fa omi fún wákàtí mẹ́rin, a óò máa fi okùn díwọ̀n bó ṣe ń lọ sílẹ̀. N kò ní gba ìwé iye owó kankan títí di ìgbà yẹn.