Ṣé "ìmúdọ́gba" ni nọ́máláìsì àwòrán?

Ẹni tó béèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mò ń kọ ìwé ìlànà fún àwọn tó ń to àwòrán tí kọ̀ǹpútà yóò fi kọ́ bí a ti ń dá nǹkan mọ̀. Mo pe rísáìsì ní "ìyíwọ̀npadà", nọ́máláìsì ní "ìmúdọ́gba", fódà `train` ní "fódà ìkọ́ni", fódà `val` ní "fódà ìdánwò". Ṣé ó bójú mu?

Atúmọ̀: "Ìmúdọ́gba" dùn létí, ẹ má yí i padà. Àwòrán kan gùn, èkejì kúrú, a wá sọ gbogbo wọn di 224 sí 224. Wọ́n dọ́gba nìyẹn.

Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, rísáìsì lẹ ṣàlàyé yẹn. Nọ́máláìsì kì í fọwọ́ kan fífẹ̀ tàbí gíga àwòrán. Nọ́ńbà inú píksẹ́lì ló kàn án. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà mẹ́ta, ti pupa, ti àwọ̀ ewé àti ti búlúù, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 255. A ó kọ́kọ́ fi 255 pín wọn, kí wọ́n bọ́ sáàárín 0 àti 1, lẹ́yìn náà:

```
x = (x - mean) / std
```

Ìpíndọ́gba nọ́ńbà àwọ̀ náà ni `mean`, `std` sì ń sọ bí wọ́n ṣe fọ́n ká tó. Ibi tó ṣókùnkùn yóò sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ òdo, ibi tó mọ́lẹ̀ yóò gòkè. Wọn ò dọ́gba rárá. Bí nọ́ńbà inú àwòrán bá dọ́gba tán, kò sí ohun tí ojú yóò rí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ka "ìmúdọ́gba" yóò ṣìnà bí ẹ̀gbọ́n ṣe ṣìnà. "Ìfisórí-òṣùwọ̀n" ni mo dábàá.

Ayàwòrán: Kò gùn jù báyìí? Èmi ò tilẹ̀ fẹ́ "ìyíwọ̀npadà" náà, torí kò sọ ọ̀nà tí a gbà yí i. Àwòrán mi jẹ́ 1200 sí 600, ẹni tí mo fún sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ 224 sí 224. Àwo róbótó wá rí bí ẹyin! Ìgbà tí mo sún un kì sí 224 sí 112, tí mo fi dúdú 56 sókè, 56 sísàlẹ̀, ló tó padà sí bó ṣe yẹ. Ẹ wá ọ̀rọ̀ kan fún títẹ̀, kí ẹ wá òmíràn fún fífi etí kún un.

Olùkọ́ èdè: Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. "Ìdánwò" ló ń kọ mí lóminú, torí fódà kẹta tó ń jẹ́ `test` ló ni orúkọ yẹn. Ẹ pe `val` ní "ìdánrawò".

Atúmọ̀: Olùkọ́, ìdánrawò ni ọmọ fi ń kọ́ṣẹ́. Ṣé ẹ̀rọ ń kọ́ nǹkan nínú `val` ni?

Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́: Ẹ̀gbọ́n gbà á síbi tó yẹ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ kọ́ nǹkan kan níbẹ̀, ohun tó bà mí jẹ́ nígbà kan gan-an nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹ̀rọ máa dá àrùn ara ewé mọ̀. Mo ní 200 ewé, mo ya ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó di 1000 àwòrán. Mo da gbogbo rẹ̀ pọ̀, mo sì mú 200 àwòrán lọ sí `val`. Máàkì gòkè kíákíá, inú mi ń dùn, àmọ́ bí mo ṣe gbé ewé tuntun síwájú ẹ̀rọ, ó kàn ń ṣi í mú ni. Ewé kan náà ló wà nínú fódà méjèèjì! Ẹ̀rọ ti há ojú ewé sórí, kò mọ àrùn ara rẹ̀. Mo wá pín in ní ewé-ewé, 160 síhìn-ín, 40 sọ́hùn-ún. 800 àti 200 àwòrán náà ni, ṣùgbọ́n máàkì já wálẹ̀, ó sì bá ohun tí mò ń rí níta mu.

`mean` náà ń kópa nínú ọ̀ràn yìí. Pínpín ló yẹ kó ṣáájú. Inú 800 yẹn nìkan la ti ń ṣírò `mean` àti `std`, ká tó lo nọ́ńbà kan náà fún 200 tó kù.

Olùkọ́ èdè: Ṣùgbọ́n àwa tí a ń wo máàkì `val` ká tó mọ ìgbà tí a ó dá ìkọ́ni dúró ńkọ́? Àwa ń kọ́ nǹkan níbẹ̀ o. "Ìdánrawò" ṣì tọ́ lójú tèmi.

Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́: Òótọ́ ni fún wa, kì í ṣe fún ẹ̀rọ. Mo ṣì fẹ́ "ìyẹ̀wò".

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ti pa "ìmúdọ́gba" rẹ́. N ó fi "ìyẹ̀wò" sí i ná, n ó sì lọ wo fódà tèmi, torí inú fídíò kan náà ni mo ti gé ọ̀pọ̀ àwòrán mi jáde.